Ojú ìwé tó ń fara hàn lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ẹ́ tẹ̀: báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tó ti ń jò?

OnínáKubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ sólà àti ínfátà ni mò ń ṣe ní Kubwa níbí, a sì ní sáìtì kan tí àbúrò mi bá mi ṣe. Láti ìgbà tí mo ti so ó mọ́ Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń fi bí sáìtì ṣe ń yọ nínú èsì ìwárí hàn, ni mo ti máa ń wọ ibẹ̀ lọ wò, ohun kan sì ń dà mí láàmú. Ojú ìwé tí mo fi ń polówó ínfátà 5kVA ló ní ìfarahàn tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo sáìtì wa. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó fara hàn ní ìgbà 18,400, àmọ́ kílíìkì 74 péré ló wọlé. Ohun tí mo rí níbi CTR, ìyẹn ìdá kílíìkì nínú ìfarahàn, ni 0.4%, ipò rẹ̀ nínú èsì sì jẹ́ 14.5.

Àwọn oníbàárà tó ń pè wá, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ló ń júwe wa fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ti sáìtì kò tó nǹkan. Ṣé àkọlé ojú ìwé náà ni kí n yí padà ni, àbí kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ, àbí kí n pa á tì kí n lọ kọ òmíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Tísà_Kàdúná

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ yín kò le. Àkọlé ni. Ojú ìwé tí CTR rẹ̀ kò bá ti tó 3%, àkọlé rẹ̀ kò dára nìyẹn. Ẹ yí àkọlé gbogbo ojú ìwé tó wà lábẹ́ 3% padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi ọdún tí a wà yìí sí i, kí ẹ sì tún àpèjúwe abẹ́ rẹ̀ kọ kó wuni kà. Bí mo ṣe ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ wa nìyẹn, kílíìkì sì lọ sókè.

ỌmọỌ̀ffà_Jos

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ìfarahàn 18,400 yìí, èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín fún un? Èmi náà ń polówó ilé ìtura kan níbí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yọ owó lórí káàdì mi. Bí ẹni 74 péré bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ò rí i pé ẹ ń pàdánù owó gan-an? Mo rò pé kí ẹ kọ́kọ́ dá a dúró ná.

ÀkàndéJábì

Ọmọ Ọ̀ffà, ìyẹn yàtọ̀ sí èyí. Search Console kì í ka ìpolówó tí èèyàn sanwó fún. Èsì ọ̀fẹ́ nìkan ló ń kà. Owó tí wọ́n ń yọ lórí káàdì yín, inú Google Ads ni ẹ ti máa rí ìṣirò rẹ̀. Oníná kò san kọ́bọ̀ lórí 18,400 yẹn, kò sì sí ohunkóhun tó fẹ́ dá dúró.

Oníná, ẹ má tíì fọwọ́ kan àkọlé. Ohun tí Tísà sọ lè bọ́ sí i níkẹyìn, àmọ́ nínú ìròyìn tí ẹ kọ síbí, kò tíì sí ohun tó fi hàn bẹ́ẹ̀. 14.5 yẹn kì í ṣe ibì kan tí ojú ìwé yín jókòó sí. Ìpíndọ́gba ni. Google mú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ tí ojú ìwé yín fi yọ sí wọn lójú, ó da ipò gbogbo wọn pọ̀, ó sì pín in. Ọ̀rọ̀ kan lè wà níbẹ̀ tí ẹ wà ní ipò karùn-ún fún, kí òmíràn wà tí ẹ wà ní ogún fún. Oògùn àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ ní láti tú u palẹ̀ ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wọ `Performance`, kí ẹ rí i pé inú `Search results` lẹ wà. Lókè níbẹ̀, àpótí mẹ́rin ló wà, àmọ́ méjì péré ló máa ń tàn fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ `Average CTR` àti `Average position` kí àwọn náà tàn. Ẹ fi ọjọ́ sí oṣù mẹ́ta. Lábẹ́ àwòrán ìlà yẹn, ẹ lọ sí `Pages`, kí ẹ tẹ ojú ìwé ínfátà 5kVA yín. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀ á lọ jókòó sókè, gbogbo ohun tí ẹ bá ń rí láti ìgbà náà lọ á jẹ́ ti ojú ìwé yẹn nìkan. Ìgbà náà ni kí ẹ wá padà sí `Queries`, kí ẹ tẹ orí `Impressions` kó tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ da mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ síbí, tòun ti kílíìkì àti ipò wọn.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní kí ẹ lọ sí `Pages`, kí ẹ fi filter sẹ́ ẹ kó ku `Position` tó kéré sí 11 nìkan, kí ẹ wá máa wo èyí tí ìfarahàn rẹ̀ pọ̀ tí kílíìkì rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ìwé yín yìí gan-an kò ní yọjú, torí pé 14.5 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Orí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ ni mo máa ń sẹ́ ẹ sí, n kì í sẹ́ ẹ lórí ojú ìwé.

OnínáKubwa

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí i. Mi ò mọ̀ rárá pé èèyàn lè tẹ ojú ìwé kan kó sì wo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí ni mẹ́rin tó ṣíwájú:

`5kva inverter price in nigeria`: ìfarahàn 9,200, kílíìkì 6, ipò 17.8

`how many batteries for 5kva inverter`: ìfarahàn 2,300, kílíìkì 3, ipò 8.4

`inverter installation in abuja`: ìfarahàn 1,150, kílíìkì 21, ipò 6.2

`5kva inverter price abuja`: ìfarahàn 640, kílíìkì 17, ipò 5.1

Àwọn tó kù kò pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò yé mi ni pé nígbà tí mo ro gbogbo wọn pọ̀, kò tó 18,400. Ó kù púpọ̀. Ṣé sáìtì wa ló ní ìṣòro ni?

ÀkàndéJábì

Rárá, kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá pọ̀, Google kì í fi hàn nínú àtẹ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìṣirò rẹ̀ wà lókè, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sí nísàlẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣí i. Bí ẹ bá tún sẹ́ ẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, àpapọ̀ òkè náà á já wálẹ̀, torí pé àwọn tó fara pamọ́ yẹn ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Ẹ wá wo ohun tó yọ. Ìdajì ìfarahàn yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé e wá, `5kva inverter price in nigeria`. Ipò 17.8 lẹ wà fún un, ìyẹn ojú ewé kejì nínú èsì Google. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti kọjá bí èsì mẹ́rìndínlógún kó tó kàn yín. Kò sí àkọlé tí ẹ lè kọ tó máa mú kí wọ́n rọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn ọjà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ínfátà pẹ̀lú iye owó wọn ló wà níwájú yín, ẹni tó sì tẹ̀ ẹ́ lè jẹ́ ará Aba tàbí ará Ìbàdàn tí ẹ kò ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fa CTR yín wálẹ̀ sí 0.4%. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, kílíìkì 68 ló kù nínú 9,200, ìyẹn bíi 0.7%. Ó ṣì kéré, àmọ́ ó ti ń sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ibi tí owó yín wà ni `inverter installation in abuja`. Ẹni tó tẹ ìyẹn ń wá ẹni tó máa wá so ó fún un, Abuja ló sì wà. Ipò 6.2 lẹ wà, ojú ewé àkọ́kọ́. Kílíìkì 21 nínú 1,150 kò tó 2%. Ìyẹn ni kí a bojú wò.

Tísà_Kàdúná

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ ṣé, àmọ́ ohun tí mo sọ náà ni ẹ padà sọ yìí. 1.8% ti wà lábẹ́ 3%.

ÀkàndéJábì

Tísà, a dé ibì kan náà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ bí a bá tẹ̀ lé 3% yẹn, `5kva inverter price in nigeria` náà á bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa á máa yí àkọlé kiri nítorí ọ̀rọ̀ tí àkọlé kò lè ràn lọ́wọ́. Kò sí iye kan tó dára fún gbogbo ipò. Ẹni tó wà ní ipò kìíní tó ń gba 3% ní ìṣòro ńlá. Ẹni tó wà ní ipò kẹsàn-án tó ń gba 3%, kó máa dúpẹ́.

Sáìtì yín fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi wọn ara rẹ̀. Oníná, ẹ yọ àdírẹ́sì tó jókòó sókè yẹn kúrò, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹ wà ní nǹkan bí ipò kẹfà fún, kí ẹ wo ohun tí CTR ibẹ̀ jẹ́.

OnínáKubwa

Mo rí ọ̀kan. `inverter repair in kubwa`, ojú ìwé àtúnṣe wa ni. Ipò 6.4, CTR 5.9%. Ìfarahàn rẹ̀ kò pọ̀ ṣá, 290.

ÀkàndéJábì

Ẹ rí nǹkan. Ipò kan náà, sáìtì kan náà, ìlú kan náà, ọ̀kan gba 5.9%, ìkejì gba 1.8%. Mo gbà pé Kubwa kéré sí Abuja, ẹni tó sì kọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ máa ń tètè tẹ ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn ju kí ó jẹ́ àdúgbò nìkan lọ. Nǹkan kan wà nínú bí èsì yín ṣe rí lójú ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìsopọ̀.

ÌyáAláṣọ_Wúsè

Ẹ kú àjọrò o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì lọ wo tèmi. Aṣọ òkè àti gèlè ni mò ń tà. Ojú ìwé `/about` mi ní ìfarahàn 3,100, kílíìkì 12, ipò rẹ̀ sì jẹ́ 1.1! Ipò kìíní gan-an, kò sì sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́. `/contact` náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Àkàndé sọ nípa ipò kìíní yẹn já mi láyà. Mo ti ní kí ọmọ mi bá mi yí àkọlé rẹ̀ padà lálẹ́ yìí.

ÀkàndéJábì

Mà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sinmi lálẹ́ yìí. Ẹ tẹ `/about` yẹn, kí ẹ lọ sí `Queries`. Orúkọ ilé ìtajà yín nìkan lẹ máa rí níbẹ̀, àbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan.

ÌyáAláṣọ_Wúsè

Bẹ́ẹ̀ ni o! Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ni, ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ sílẹ̀. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

ÀkàndéJábì

Ipò 1.1 yẹn ló sọ ọ́, mà. Bí oníbàárà bá tẹ orúkọ yín, Google á gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ yín síwájú, á wá to àwọn líǹkì kéékèèké sábẹ́ rẹ̀: nípa wa, bí ẹ ṣe lè kàn sí wa, gèlè, aṣọ òkè. Gbogbo líǹkì kéékèèké yẹn ló ń gba ìfarahàn tirẹ̀, ipò kan náà sì ni wọ́n ń kà fún gbogbo wọn pẹ̀lú ti òkè. Oníbàárà ti tẹ ti òkè, ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ yín lórí orúkọ kan náà, ibẹ̀ ni kílíìkì wà.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kankan, mo máa ń yọ orúkọ ilé iṣẹ́ kúrò. Ẹ tẹ ibi tí ẹ ti ń fi àsẹ́ kún un lókè, kí ẹ mú `Query`, kí ẹ mú `Queries not containing`, kí ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta bíi tiyín, ẹ mú `Custom (regex)`, kí ẹ yàn án kó jẹ́ èyí tí kò bá a mu, kí ẹ wá fi ìlà ìdúró pín ọ̀nà ìkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí:

```
orukokan|orukokeji|oruko keta
```

Abẹ̀kẹ́_Gwarinpa

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ kíkọ ọ̀rọ̀ sórí sáìtì ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí èsì ẹ̀gbọ́n Oníná kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí náà mo ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù mi, mo tẹ `inverter installation in abuja`. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín látòkè dé ìsàlẹ̀.

Ìpolówó ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí máàpù tó to ilé iṣẹ́ mẹ́ta, tòun ti ìràwọ̀ àti nọ́ńbà fóònù. Mo wá fi ìka fà á lọ sísàlẹ̀ dáadáa kí n tó kan tiyín. Àkọlé tó wà níbẹ̀ ni `INVERTER 5KVA - Products`, orúkọ ilé iṣẹ́ yín wá tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni `Home Shop Contact Add to cart Call for price`. Àwọn tó wà lókè àti nísàlẹ̀ yín ló kọ installation àti Abuja sínú àkọlé, ọ̀kan tiẹ̀ kọ iye owó síbẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹni tó máa so ínfátà, nígbà tó bá rí tiyín, á rò pé ọjà lásán ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Mo tún wọ inú ojú ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n, kò sí gbólóhùn kan tó sọ pé ẹ máa wá so ó. Àwòrán mẹ́ta, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa agbára rẹ̀, àti `Call for price`. Google kò rí ọ̀rọ̀ tó dáa fà yọ ló ṣe lọ gbé ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì sábẹ́ àkọlé. Bí ẹ bá yí àkọlé nìkan tí inú kò sì yí padà, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á jáde kíákíá, Google náà sì lè má lo àkọlé tuntun yẹn, torí ó máa ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀ àkọlé tí kò bá bá inú ojú ìwé mu.

OnínáKubwa

Abẹ̀kẹ́, o ṣeun gan-an. Òótọ́ lo sọ. Iye owó ni mi ò fẹ́ kọ síbẹ̀, torí pé ọ̀la kì í bá a bó ṣe wà lónìí. Dọ́là lè gòkè ní alẹ́ kan.

Abẹ̀kẹ́_Gwarinpa

Ẹ kọ ọ́ láti iye sí iye, kí ẹ kọ oṣù tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya ti ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsopọ̀. Àkọlé tí mo dábàá rèé, ẹ lè tún un ṣe:

```html
<title>5kVA Inverter Installation in Abuja: Price and Battery Count</title>
```

Ìwọ̀n lẹ́tà ọgọ́ta ni, fóònù kò sábà gé irú èyí. Mo yọ orúkọ ilé iṣẹ́ yín kúrò, torí pé orúkọ sáìtì máa ń hàn lókè àkọlé náà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ṣe àkọlé ńlá inú ojú ìwé náà. Lẹ́yìn náà kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ pé ẹ máa ń so ó, àdúgbò tí ẹ máa ń dé, bóyá Kubwa, Dutse, Bwari, Gwarinpa, àti bó ṣe máa pẹ́ tó.

Tísà_Kàdúná

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọdún sí i o. Ó máa ń fa ojú.

Abẹ̀kẹ́_Gwarinpa

Tísà, lórí ọ̀rọ̀ iye owó, mo gbà fún yín, èèyàn ń fẹ́ iye owó tuntun. Àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n kò bá ní máa tún iye yẹn wò, kí ọdún má wọ ibẹ̀. Ọdún tuntun lórí iye owó àtijọ́, oníbàárà á pè, á bínú.

ÀkàndéJábì

Mo fara mọ́ ohun tí Abẹ̀kẹ́ sọ, mo sì fi ọ̀kan kún un. Àpótí máàpù tó rí yẹn wà lókè yín, 6.2 tí ìròyìn ń kà kò sì sọ bí ẹ ṣe jìnnà sí ojú tó lórí fóònù. Ìfarahàn náà ti di kíkà bí èsì yín bá ti wà nínú ojú ewé tó ṣí, kódà bí onítọ̀hún kò bá fà á dé ibẹ̀. Ẹ tẹ `Devices` kí ẹ wò ó. Bí CTR ti kọ̀ǹpútà bá fi púpọ̀ ju ti fóònù lọ ní ipò kan náà, àwọn ohun tó dí ọ̀nà lókè wà lára ohun tó fà á, àkọlé nìkan kọ́. Fún ìyẹn, ẹ tún àkáǹtì ilé iṣẹ́ yín lórí máàpù Google ṣe.

Ó wá ku `how many batteries for 5kva inverter`. Ipò 8.4, ìfarahàn 2,300, kílíìkì 3. Èmi kò ní fi àkókò mi ṣòfò níbẹ̀. Google ti kọ ìdáhùn sókè fún ẹni tó béèrè, ó ti kà á, ó ti lọ. Search Console kò sì ya ti àpótí ìdáhùn yẹn sọ́tọ̀ fún wa, nítorí náà a kò lè fi nọ́ńbà sọ iye tó mú lọ.

Abẹ̀kẹ́_Gwarinpa

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ dárí jì mí, ibí yìí ni mi ò ti lè tẹ̀ lé yín. Ẹni tó ń béèrè iye bátìrì fẹ́ ra nǹkan. Ojú ìwé ẹ̀gbọ́n Oníná kò sì dáhùn ìbéèrè náà rárá, ibì kan ṣoṣo ni bátìrì ti yọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ojú ìwé kan lọ́tọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ó lè gòkè.

OnínáKubwa

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ọ̀pọ̀ ínfátà 5kVA tí à ń so, 48V ni. Bátìrì 12V mẹ́rin ni èèyàn máa tò léra kó tó pé 48V. Bó bá fẹ́ kó pẹ́ sí i, á so mẹ́jọ, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin méjì. Kò sí pé à ń so márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ti lítíọ́mù, ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ 51.2V 100Ah lè dúró fún mẹ́rin yẹn, agbára tó máa gbé jẹ́ bíi 5kWh. Ohun tó le nínú rẹ̀ ni pé oníbàárà ní láti mọ ohun tó fẹ́ máa tàn lóru, bí fíríìjì bá wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Abẹ̀kẹ́_Gwarinpa

Ẹ wò ó! Apá tó kẹ́yìn yẹn ni kò sí nínú ìdáhùn kúkúrú òkè. Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, fáànù mẹ́ta, wákàtí mélòó? Ìyẹn ló máa mú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

ÀkàndéJábì

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí ó wà nínú ojú ìwé kan náà ni mo fẹ́, lábẹ́ àkọlé kékeré. Bí ẹ bá ṣe méjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa du ọ̀rọ̀ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àmọ́ mi ò ní bá ọ jà lórí ẹ̀.

ỌmọỌ̀ffà_Jos

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ bíi tèmi ńkọ́? Mo ti so tiwa náà mọ́ Search Console báyìí. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀ ní ìfarahàn 38, kò sí kílíìkì kankan.

ÀkàndéJábì

38 kò tó nǹkan tí a fi lè dájọ́, Ọmọ Ọ̀ffà. Kódà ní 3%, kílíìkì kan ṣoṣo ni ìbá jẹ́. Ẹ na ọjọ́ rẹ̀ gùn, oṣù mẹ́rìndínlógún ló máa ń gbà dé. Bí iye náà bá ṣì kéré, ojú ìwé tí yóò dáhùn ohun tí àwọn àlejò ń béèrè ló kù yín kù, kì í ṣe àkọlé.

OnínáKubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo padà wá jábọ̀. Mo ṣe ojú ìwé náà bí Abẹ̀kẹ́ ṣe là á kalẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ bátìrì sínú rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n Àkàndé ṣe sọ, mo fi iye owó láti iye sí iye. Mo fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú `URL Inspection`, mo tẹ `Request indexing`. Mo dúró títí mo fi fojú ara mi rí àkọlé tuntun nínú èsì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Lẹ́yìn náà mo fi ọjọ́ 28 lẹ́yìn àtúnṣe wé 28 tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

`inverter installation in abuja`: tẹ́lẹ̀, ìfarahàn 370, kílíìkì 7, ipò 6.2. Nísinsìnyí, ìfarahàn 392, kílíìkì 17, ipò 6.0.

`5kva inverter price abuja`: tẹ́lẹ̀, 205 àti kílíìkì 5. Nísinsìnyí, 198 àti kílíìkì 6. Ipò rẹ̀ kò yí padà.

Ti bátìrì kò yí padà. Kílíìkì kan tẹ́lẹ̀, kílíìkì méjì báyìí, ipò 8.1.

Àpapọ̀ CTR ojú ìwé náà kò ju 0.5% lọ.

ÀkàndéJábì

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ipò kò fẹ́ẹ́ yí padà, ìfarahàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, kílíìkì lọ láti 1.9% sí 4.3%. Ìdí tí mo fi ń ní kí ẹ wo ipò nìyẹn. Ká ní ẹ ti gòkè sí ipò kẹta ni, a kò bá tí mọ̀ bóyá àkọlé ló ṣe é àbí gígòkè. Àmọ́ kílíìkì 7 àti 17 kò tíì pọ̀, ẹ tún wò ó lẹ́yìn oṣù kan sí i. Ti `5kva inverter price abuja`, 5 sí 6 kì í ṣe ìyàtọ̀. Bóyá iye owó tí ẹ kọ kò hàn lábẹ́ àkọlé níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kí ẹ wo ohun tí wọ́n fà yọ.

Àpapọ̀ 0.5% yẹn, ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀. `5kva inverter price in nigeria` ṣì wà níbẹ̀ tó ń fà á wálẹ̀, kò sì dí yín lọ́wọ́.

Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá fẹ́ fi ọdún yìí wé ọdún tó kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Google dẹ́kun gbígba `&num=100` tí àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ipò fi máa ń ṣí ọgọ́rùn-ún èsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfarahàn ọ̀pọ̀ sáìtì já wálẹ̀ lásìkò náà, ìpíndọ́gba ipò wọn sì dà bí ẹni pé ó gòkè, láìjẹ́ pé oníbàárà kankan ṣe ohunkóhun.

Abẹ̀kẹ́_Gwarinpa

Ti bátìrì yẹn, ẹ̀gbọ́n Oníná, mo ṣì rò pé ojú ìwé ọ̀tọ̀ ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá gbà, màá kọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ká jọ wo ohun tí ìròyìn máa sọ.

OnínáKubwa

Mo gbà. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá ka àwọn ohun èlò tí àwọn oníbàárà máa ń dárúkọ fún ọ lórí fóònù.